Ínfọ́ìsì kan, ojú ìwé mẹ́ta: bí a ṣe ń yọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láìka owó kan lẹ́ẹ̀mejì

Ínfọ́ìsì kan ló wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ojú ìwé mẹ́ta ni, nọ́ńbà rẹ̀ ni 0718, ọjà mẹ́rìnlélógójì ló sì wà nínú rẹ̀. Lókè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, nǹkan kan náà ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀: orúkọ ẹni tó tajà, orúkọ ẹni tó rà á, nọ́ńbà ínfọ́ìsì, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Lábẹ́ ìyẹn ni àkọlé òpó márùn-ún wà, tó ń tọ́ka sí nọ́ńbà ọjà, orúkọ ọjà, iye tí a rà, owó ẹyọ kan, àti owó gbogbo rẹ̀. Àpapọ̀ owó tí oníbàárà máa san wá ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fara hàn, nísàlẹ̀ ojú ìwé kẹta.

Ẹni tó bá ti mú ìwé owó lọ́wọ́ rí á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ínfọ́ìsì kan ṣoṣo nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n. Prógíráàmù àkọ́kọ́ tí mo kọ láti máa ka irú ìwé yìí sọ pé ínfọ́ìsì mẹ́ta ni. Nọ́ńbà kan náà ló fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Méjì kò ní owó kankan láti san, ìkẹta ní ọjà mẹ́rin péré, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Akáńtà tí mo fi í ránṣẹ́ sí kò bínú. Ó kàn béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló fún wa ní ogójì ọjà lọ́fẹ̀ẹ́?"

Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo ka ojú ìwé sí ínfọ́ìsì. Ínfọ́ìsì jẹ́ àkọsílẹ̀ gígùn kan ṣoṣo tí bébà gé sí wẹ́wẹ́ nítorí pé kò gbà á tán. Iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ yọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni láti kọ́kọ́ so àwọn ègé náà pọ̀ padà, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó kankan.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ń rí

Nígbà tí a bá ṣí fáìlì PDF, àtẹ la máa ń rí: òpó dúró, ìlà nà gbọọrọ. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ fáìlì bẹ́ẹ̀, kò sí àtẹ kankan níbẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dà bí ìtọ́ni tí a kọ fún ẹni tó ń tẹ̀wé, pé kó fi ọ̀rọ̀ yìí síbí, kó fi nọ́ńbà yẹn sọ́hùn-ún, kó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn. Póìntì ni wọ́n fi ń wọn ibi tí nǹkan wà. Póìntì 72 ló ń ṣe ínǹṣì kan, bébà A4 sì fẹ̀ tó póìntì 595, ó ga tó 842. Bí nọ́ńbà méjì bá wà ní gíga kan náà lórí bébà, àwa la sọ pé ìlà kan ni wọ́n. Fáìlì fúnra rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tún dá dúró. Kò sí ohun tó sọ pé ìlà àkọ́kọ́ lójú ìwé kejì ni àtẹ̀lé ìlà tó kẹ́yìn lójú ìwé kìíní. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tó ń yọ àtẹ fi máa ń dá àtẹ mẹ́ta padà fún ìwé olójú mẹ́ta, tí wọ́n á sì kó àkọlé òpó lẹ́ẹ̀mẹ́ta mọ́ ọjà bí ẹni pé ọjà kan wà tó ń jẹ́ "orúkọ ọjà", tí owó rẹ̀ sì jẹ́ "owó".

Àwọn tó kọ ínfọ́ìsì kò ṣe àṣìṣe o. Wọ́n ń tún àkọlé kọ lójú ìwé kọ̀ọ̀kan kí bébà tó bá já kúrò lára àwọn yòókù má bàa sọnù, kí ẹni tó sì ń ka ojú ìwé kẹta má bàa máa ṣí padà sí èkíní láti mọ òpó wo ló ń kà. Ohun tó jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún ojú ènìyàn ló di ìdààmú fún ẹ̀rọ.

Ká kọ́kọ́ mọ ojú ìwé tó jẹ́ ti ta ni

Bí ọ̀rọ̀ inú fáìlì náà bá ṣeé yàn, kí a sì dà á kọ síbòmíràn, ìyẹn ni pé kì í ṣe fọ́tò bébà, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan wà tí mo fẹ́ràn láti fi bẹ̀rẹ̀:

```
pdftotext -layout invoice.pdf invoice.txt
```

Ọ̀rọ̀ `-layout` yẹn ló ń sọ fún un pé kó tọ́jú àlàfo tó wà láàárín òpó, kó má da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó tún máa ń fi àmì kan tí a kì í fojú rí sí ìparí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Àmì yẹn, tí a ń kọ ní `\f` nínú kóòdù, la fi ń mọ ibi tí ojú ìwé kan ti parí:

```python
text = open("invoice.txt", encoding="utf-8").read()
pages = [p for p in text.split("\f") if p.strip()]
```

Ẹ wo `if p.strip()` yẹn dáadáa: òun ló ń yọ ègé tó ṣófo kúrò, àìsí rẹ̀ sì ti kó mi sí ìyọnu rí. Ìparí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni àmì náà wà, títí kan ojú ìwé tó kẹ́yìn. Bí a bá gé ọ̀rọ̀ náà níbi àmì mẹ́ta, ègé mẹ́rin la máa rí, ìkẹrin á sì ṣófo. Ẹni tó bá wá sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó lọ wo "ojú ìwé tó kẹ́yìn" fún àpapọ̀ owó á rán an lọ sínú òfìfo. Prógíráàmù náà kò ní pariwo. Á kàn sọ pé ínfọ́ìsì yìí kò ní àpapọ̀, ìwọ náà á sì máa wá ẹ̀bi sára ẹni tó kọ ìwé.

Lẹ́yìn èyí ni àkọlé tó ń tún ara rẹ̀ kọ yóò wúlò. Fáìlì kan lè kó ínfọ́ìsì mẹ́wàá sínú, pàápàá bí ẹnì kan bá kó òkìtì bébà sínú ẹ̀rọ sikáànì lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà ínfọ́ìsì tó wà lókè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni okùn tí a fi ń so wọ́n. Bí nọ́ńbà náà kò bá yí padà, ìwé kan náà ṣì ni. Bó bá yí padà, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe ju àkọlé nù kí ẹ tó mú nọ́ńbà yìí jáde nínú rẹ̀. Mo ti rí kóòdù tó kọ́kọ́ gé gbogbo orí ìwé kúrò kí ojú ìwé lè "mọ́", tí kò wá mọ ọmọ ta ni èwo mọ́.

Bí ìwé náà bá tún kọ `Page 2 of 3` sí ibìkan, a ti rí ẹlẹ́rìí kejì. Yóò sọ fún wa bí ojú ìwé bá ti dàrú, tàbí bí ọ̀kan bá sọnù. Ínfọ́ìsì tó ní `Page 1 of 3` àti `Page 3 of 3` láìní ìkejì kò yẹ kó kọjá síbi tí a ti ń ka owó rárá. Ó yẹ kó dúró, kí ènìyàn lọ wá bébà náà.

Ohun kan tó máa ń tan ènìyàn jẹ ni kí a sọ pé ibi tí àpapọ̀ owó bá ti fara hàn ni ínfọ́ìsì parí sí. Ó dà bí ọgbọ́n, àmọ́ bí àpapọ̀ náà bá ṣòro láti kà nínú ínfọ́ìsì kan, èyí tó tẹ̀ lé e á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹni méjì á wá di ẹnì kan. Nọ́ńbà ni kí a fi pín wọn.

Gígé orí ìwé láì gé ọjà

Ní báyìí, a mọ̀ pé ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ti 0718. A fẹ́ yọ ohun tó ń tún ara rẹ̀ kọ, kí ó lè ku ọjà nìkan.

Èrò tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé kí a pa ìlà èyíkéyìí tó bá fara hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Nínú ínfọ́ìsì 0718, ọjà kan wà tí wọ́n rà ní méjìlá, ẹyọ kan 1,850.00, gbogbo rẹ̀ 22,200.00. Ó wà ní ìlà 23, ó sì tún wà ní ìlà 31, nítorí pé ẹ̀ka iṣẹ́ méjì ló béèrè fún un lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí nọ́ńbà ìlà kò bá sí níwájú wọn, tàbí bí prógíráàmù bá ti gé nọ́ńbà náà sọnù, ìlà méjèèjì jọra bí ìbejì. Òfin "pa àtúnkọ rẹ́" á gbé ọ̀kan mì, owó á dín ní 22,200.00, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ibi tó gbà.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín orí ìwé àti ọjà kò sí nínú pé ó tún ara rẹ̀ kọ. Ibi tó wà lórí bébà ló wà. Orí ìwé ni gbogbo ohun tó wà lókè ìlà àkọlé òpó, pẹ̀lú ìlà àkọlé náà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ìlà tí àwọn ọ̀rọ̀ bí `Description`, `Qty` àti `Amount` ti pàdé pọ̀. Gbogbo ohun tó wà láti òkè dé ibẹ̀ jẹ́ orí ìwé. Láti abẹ́ rẹ̀ lọ ni ọjà wà. Mo ní kí àwọn ọ̀rọ̀ náà pàdé, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí: `Description` lè wà nínú orúkọ ọjà kan, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wà ní ìlà kan tí kì í ṣe àkọlé.

Ẹ ṣọ́ra fún ojú ìwé kìíní. Ó sábà máa ń ní orí tó ga ju ti àwọn yòókù lọ, torí pé àdírẹ́sì àti àmì iléeṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé "ìlà méjìlá àkọ́kọ́ ni orí ìwé" nítorí pé ó rí i bẹ́ẹ̀ lójú ìwé kìíní á gé ọjà mẹ́ta tàbí mẹ́rin dànù lójú ìwé kejì. Àkọlé òpó ni kí ó jẹ́ ààlà, kì í ṣe iye ìlà.

Nísàlẹ̀ ojú ìwé, àtúnkọ tún wà: nọ́ńbà ojú ìwé, àkọsílẹ̀ báńkì, nígbà mìíràn ìkìlọ̀ kékeré. Níbẹ̀, a lè fi ojú ìwé kan wé èkejì. Àmọ́ `Page 1 of 3` àti `Page 2 of 3` kì í ṣe ìlà kan náà lójú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà kan ló yà wọ́n. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń fi àmì `#` rọ́pò gbogbo nọ́ńbà kí n tó fi wọ́n wéra, méjèèjì á sì di `Page # of #`. Ìsàlẹ̀ pátápátá nìkan ni kí ẹ ti lo ọgbọ́n yìí. Bí ẹ bá lò ó láàárín àwọn ọjà, àwọn kan nínú wọn lè dọ́gba.

Ibi tí ojú ìwé ti já

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi í hàn yín bó ṣe wà lórí bébà. Ìsàlẹ̀ ojú ìwé kìíní àti òkè ojú ìwé kejì nìyí, mo ti yọ àdírẹ́sì kúrò:

```
18  Bébà ìtẹ̀wé A4, funfun,      15   2,400.00    36,000.00
                       Carried forward          412,650.00
                                               Page 1 of 3

Invoice No: 0718
No  Description                 Qty  Unit price     Amount
                       Brought forward          412,650.00
    páálí onírímù márùn-ún
19  Ìǹkì dúdú                     8   5,750.00    46,000.00
```

Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ níbí. Èkíní, orúkọ ọjà kejìdínlógún gùn, bébà sì parí láàárín rẹ̀. "Bébà ìtẹ̀wé A4, funfun" wà lójú ìwé kìíní, "páálí onírímù márùn-ún" sì bọ́ sí ìkejì. Ẹni tó bá ń ka ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ á rí ọjà kan tí orúkọ rẹ̀ kò pé, àti òmíràn tí kò ní iye, tí kò ní owó. Òfin tó ń tún un ṣe kò le: ìlà tí kò ní nọ́ńbà ọjà, tí kò ní iye, tí kò sì ní owó kì í ṣe ọjà; ìyókù orúkọ ọjà tó ṣáájú rẹ̀ ni.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà láàárín ìdajì méjèèjì: `Carried forward`, nọ́ńbà ojú ìwé, orí ìwé, àkọlé òpó, `Brought forward`. Bí a bá so ìlà pọ̀ kí a tó mú ìwọ̀nyí kúrò, "páálí onírímù márùn-ún" á lọ lẹ̀ mọ́ `Brought forward`. Ìdí nìyí tí ètò iṣẹ́ fi ṣe pàtàkì. Ẹ kọ́kọ́ yọ orí àti ìsàlẹ̀ kúrò lójú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ yọ owó tí a gbé lọ àti owó tí a gbé wá sọ́tọ̀, ẹ to àwọn ojú ìwé tẹ̀ léra bí aṣọ tí a rán pọ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó máa so ìlà tó já.

Ìkejì ni àwọn ìlà owó yẹn gan-an. `Carried forward` ni àròpọ̀ gbogbo ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà. `Brought forward` ni owó kan náà tí a tún kọ sókè ojú ìwé tó tẹ̀ lé e. Kò sí èyí tó jẹ́ ọjà nínú wọn. Bẹ́ẹ̀, abẹ́ òpó owó ni wọ́n wà, wọ́n ní nọ́ńbà bí ọjà, kọ̀ǹpútà á sì gbé wọn mì wọ̀ọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ìyẹn ń fà. Nínú 0718, ọjà méjìdínlógún tó wà lójú ìwé kìíní jẹ́ 412,650.00. Méjìlélógún tó wà lójú ìwé kejì jẹ́ 538,200.00. Mẹ́rin tó wà lójú ìwé kẹta jẹ́ 61,400.00. Àròpọ̀ ọjà wá jẹ́ 1,012,250.00. Ṣùgbọ́n bí a bá ro òpó owó bó ṣe wà, a ti ka 412,650.00 lẹ́ẹ̀mejì sí i, nígbà tí a gbé e lọ àti nígbà tí a gbé e wá, a sì tún ka 950,850.00 lẹ́ẹ̀mejì sí i láàárín ojú ìwé kejì àti ìkẹta. Ohun tó máa jáde ni 3,739,250.00. Owó ọjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin, láìsí ẹni tó ra nǹkan kan sí i.

Kì í wá ṣe pé kí a ju àwọn ìlà yìí nù o. Ẹ yọ wọ́n kúrò láàárín ọjà, kí ẹ sì tọ́jú wọn síbì kan pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ìwé tí wọ́n ti wá. A máa padà pè wọ́n wá jẹ́rìí.

Àpapọ̀ owó, àti ọ̀rọ̀ tó ń ṣe bí àpapọ̀

Ìsàlẹ̀ ojú ìwé kẹta lọ báyìí:

```
Subtotal               1,012,250.00
Discount 2%              -20,245.00
Tax 10%                   99,200.50
Grand total            1,091,205.50
```

Ìdẹkùn àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ "total" fúnra rẹ̀. Ó wà nínú `Subtotal`, ó wà nínú `Grand total`, àwọn ìwé kan sì máa ń kọ `Page total` sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Prógíráàmù tó bá ń wá "total" tó kọ́kọ́ rí á mú owó ojú ìwé kìíní, á sì jókòó jẹ́ẹ́ pé òun ti ṣe tán. Èyí tó bá mú "total" tó tóbi jù náà kò bọ́: nínú ìwé tó ní ẹ̀dínwó ńlá, àròpọ̀ ọjà lè ju owó tí a máa san lọ. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà pátápátá, kì í ṣe ìdajì rẹ̀, ẹ sì wá a lẹ́yìn ọjà tó kẹ́yìn.

Mo ní "lẹ́yìn ọjà tó kẹ́yìn" dípò "lójú ìwé tó kẹ́yìn", torí pé kì í ṣe ìgbà gbogbo ni méjèèjì máa ń jẹ́ ibì kan náà. Nígbà mìíràn, ọjà á kún ojú ìwé kẹta dé ìsàlẹ̀, àpapọ̀ á wá dá nìkan wà lójú ìwé kẹrin láìsí àkọlé òpó kankan lókè rẹ̀. Prógíráàmù tó ń fo ojú ìwé tí kò ní àtẹ á fo owó náà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ojú ìwé méjì tó kún fún àdéhùn ìtajà á tẹ̀ lé àpapọ̀, ojú ìwé tó kẹ́yìn nínú fáìlì kò sì ní owó kankan. Ohun tí a ń wá ni ojú ìwé tó kẹ́yìn tó ní owó nínú, tó sì jẹ́ ti nọ́ńbà ínfọ́ìsì yìí.

`Amount due` àti `Balance due` tún yàtọ̀. Wọ́n lè bá àpapọ̀ dọ́gba, wọ́n sì lè má bá a dọ́gba, nítorí pé ẹni tó tajà lè ti yọ owó àsansílẹ̀ kúrò, tàbí kó ti fi gbèsè àtijọ́ kún un. Bí méjèèjì bá wà, ẹ kọ wọ́n sí òpó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó fẹ́ sanwó ń wá èyí tó ṣẹ́ kù, ẹni tó fẹ́ mọ iye ọjà ń wá àpapọ̀.

Ohun kékeré kan kí n tó kúrò níbí: àwọn ìwé kan ń kọ ẹgbẹ̀rún kan àti àádọ́ta kọ́bọ̀ bí `1,000.50`, àwọn mìíràn ń kọ ọ́ bí `1.000,50`. Ẹ wo ìwé náà látòkè délẹ̀ kí ẹ tó pinnu èwo ló ń lò. Bí ẹ bá ń pinnu lórí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, `1.000` nìkan lè di ẹyọ kan.

Pípe àwọn ẹlẹ́rìí

Gbogbo ohun tí a ti ṣe títí di ìsinsìnyí, a kò tíì mọ̀ bóyá ó tọ̀nà. Ohun tó wúlò jù nínú ínfọ́ìsì olójú púpọ̀ ni pé ó gbé ìdáhùn tirẹ̀ dání. Àpapọ̀ ojú ìwé kẹta ni ẹlẹ́rìí tó ga jù: a ro owó ọjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógójì, a sì rí 1,012,250.00, ó bá `Subtotal` mu. A yọ 20,245.00, ó ku 992,005.00. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ ni 99,200.50. A fi kún un, ó di 1,091,205.50. Ó pé.

Bí kò bá wá pé ńkọ́? Níbí ni owó tí a gbé lọ máa ti gba wá. Ẹ padà sí ìbejì wa, ìlà 23 àti 31. Ká ní prógíráàmù gbé ọ̀kan mì, àròpọ̀ ọjà á jẹ́ 990,050.00. A ti mọ̀ pé nǹkan kan sọnù, àmọ́ ojú ìwé wo? A ro ọjà dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé kìíní: 412,650.00, ó bá `Carried forward` mu. A ro ó dé ìsàlẹ̀ ìkejì: 928,650.00, bẹ́ẹ̀ ìwé sọ pé 950,850.00. Ojú ìwé kejì ló ní ẹ̀bi, ohun tó sì dín ni 22,200.00. Nígbà tí ìyàtọ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú owó ìlà kan gan-an, ìlà kan ló sọnù tàbí tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá dọ́gba pẹ̀lú owó tí a gbé lọ, a ti ka ẹlẹ́rìí mọ́ ọjà. Bó bá jẹ́ kọ́bọ̀ mélòó kan péré, gígé kọ́bọ̀ sí òkè tàbí sísàlẹ̀ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń fà á, mo sì máa ń gba kọ́bọ̀ kan láàyè fún ìlà kan, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ínfọ́ìsì kan kì í gbé owó láti ojú ìwé dé ojú ìwé. Nínú irú wọn, àpapọ̀ ìkẹyìn lè sọ pé àṣìṣe wà, kò lè sọ ibi tó wà. Ẹ̀rí kéékèèké la máa fi ṣe é: ṣé nọ́ńbà ọjà lọ láti 1 dé 44 láìfo ọ̀kan? Ṣé iye tí a rà ní ìlọ́po owó ẹyọ kan fún wa ní owó tó wà níwájú rẹ̀? Fún ìlà 18, 15 lọ́nà 2,400.00 jẹ́ 36,000.00, ó dára. Ìlà tó bá kùnà ìdánwò yìí ni kí ẹ lọ fi ojú wò.

Ìdánwò yìí wúlò jù fún bébà tí a ya ní fọ́tò, nítorí ẹ̀rọ tó ń sọ àwòrán di ọ̀rọ̀ máa ń ka 8 bíi 3, ó sì máa ń ka orí ìwé kan náà lọ́nà mẹ́ta lójú ìwé mẹ́ta. Fún irú èyí, ẹ má retí pé àkọlé á dọ́gba lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ gbà á bí ọ̀pọ̀ lẹ́tà rẹ̀ bá jọra, tó sì wà ní gíga tó yẹ lórí bébà.

Ọ̀ràn kan wà tí kóòdù kò lè yanjú. Nígbà mìíràn, a ka gbogbo ìlà dáadáa, ojú ìwé pé, nọ́ńbà pé, síbẹ̀ àròpọ̀ wa kò bá ti ìwé mu, nítorí pé ẹni tó kọ ínfọ́ìsì náà ló ṣe àṣìṣe ìṣirò. Ó ti wù mí rí láti kàn tún un ṣe. Mi ò ṣe é mọ́. Owó tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà ni mo máa ń kọ sílẹ̀ bó ṣe wà, mo á kọ èyí tí mo rò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo á kọ ojú ìwé tí wọ́n ti yapa, mo á sì fi ránṣẹ́ sí akáńtà kó bá ẹni tó tajà sọ̀rọ̀.